Nígbà Tí Ìyísódì Méjì Bá Pàdé
Bí ẹnìkan bá ní, "Adé kò lè má lọ," ṣé Adé yóò jókòó sílé ni? Rárá o. "Kò" yí "lè" sódì, "má" yí "lọ" sódì, méjèèjì sì pa ara wọn rẹ́: dandan ni kí Adé lọ. Bákan náà, "Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n" túmọ̀ sí pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n.

Èdè Sípéènì tí wọ́n ń sọ ní Kúbà kì í ṣírò báyẹn. Láti sọ pé ẹnikẹ́ni kò wá, wọ́n lè fi "kò" ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, kí wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "kò sẹ́nìkankan" tẹ̀ lé e. Ìyísódì kan ṣoṣo ni méjèèjì jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kejì yìí bá bọ́ síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, "kò" á kúrò níbẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà tí kì í dá rìn. "Adé kò wá mọ́" dún dáadáa. "Adé wá mọ́" kò dún létí. (Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ "mọ́" ti aṣọ tó mọ́ o.) "Tíì" náà rí bẹ́ẹ̀: a ń sọ pé "kò tíì dé", ṣùgbọ́n bí Adé bá ti wọlé, "ó ti dé" là ń sọ, kì í ṣe "ó tíì dé".