Lẹ́tà Líìfù Kì í Ṣe Ìwé Ẹ̀bẹ̀

Akọ̀wé owó kan ní Ìbàdàn mú lẹ́tà wá bá mi, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó fún ọ̀gá òun. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì tí ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà kọjá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Bí mo ṣe tú u sí Yorùbá nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí, ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu. Tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi kúnlẹ̀ bẹ̀ yín, sà, pé kí ẹ fojú àánú wò mí, kí ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé àsìkò yìí kò dára rárá. Àbúrò mi ló fẹ́ ṣègbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Òde, màmá wa kò sì lókun mọ́, èmi ni gbogbo nǹkan wà lọ́rùn rẹ̀. Bí kò bá rọrùn fún yín, sà, kò séwu. Mo sì lè máa wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti fi dí i. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ọlọ́run á bù kún yín."

Mo kà á tán, mo bi í pé, "Ọjọ́ wo lo fẹ́ lọ?" Ó ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9 oṣù Kẹta. "Ọjọ́ mélòó?" Ó ní mẹ́fà. Mo ní kó fi ibi tó kọ ọ́ sí hàn mí. Ó wo ìwé náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé líìfù kò nílò ju nǹkan mẹ́rin lọ: irú ìsinmi tó jẹ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ máa wọlé padà, àti ẹni tó máa di iṣẹ́ mú. Ìkankan nínú rẹ̀ kò sí nínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀bẹ̀ ti gba gbogbo àyè. Ọ̀gá tó bá gbà á kò lè fọwọ́ sí i bó tilẹ̀ fẹ́. Yóò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé òun á pè é wá ṣàlàyé. Ibẹ̀ ni lẹ́tà á sùn sí.

Gbólóhùn méjì ló tún burú jù fún un. Èkíní ni "bí kò bá rọrùn, kò séwu." Ó ti bá ọ̀gá kọ èsì "rárá" sílẹ̀, ó kù kó fọwọ́ sí i. Èkejì ni ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò sẹ́ni tó ní kó wá, ó sì ti fi ohun tó jẹ́ tirẹ̀ san owó ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Torí tirẹ̀ ni. Oṣù mẹ́rìnlá ló ti lò níbi iṣẹ́ náà. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí ìjọba ológun gbé jáde lọ́dún 1974 tí a sì ń lò títí di òní, sọ ní abala 18 pé òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù méjìlá láìdáwọ́ dúró ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ pé pérépéré. Òfin náà kò fi gbogbo ènìyàn sábẹ́ rẹ̀ o. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ló ń bá wí. Máníjà àti àwọn ọ̀mọ̀wé iṣẹ́, inú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wọn ni kí wọ́n lọ wò. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ṣe nìyẹn kó tó mú bírò: kó mọ iye ọjọ́ tó kù fún un. Ẹni tó mọ iye tó ní, kì í tọrọ.

Àmọ́ ẹ̀tọ́ sí ìsinmi kò sọ pé òṣìṣẹ́ nìkan ló máa yan ọjọ́. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹnu nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ irú lẹ́tà kejì tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ránṣẹ́ lórí Wáàsápù báyìí: "Ẹ jẹ́ kó yé yín pé n kò ní sí níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ìyẹn ti fò kọjá ìgboyà.

Ọmọbìnrin náà ń bẹ̀rù pé bí òun bá yọ ẹ̀bẹ̀ kúrò, wọ́n á ní òun kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní kó kíyè sí èdè tirẹ̀. Nínú Yorùbá, "ẹ" tí a fi ń pe àgbà ti gbé ọ̀wọ̀ náà tán. "Ẹ kú iṣẹ́" ti ṣí ilẹ̀kùn. Bó bá dé iwájú ọ̀gá, kó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, kó wá na ìwé sí i. Ara ló ń kúnlẹ̀. Ìwé á wọ fáìlì, ẹlòmíràn á sì kà á lọ́dún mẹ́ta sí i láìmọ ẹni tó kọ ọ́. "Ẹ má bínú" ní ipò tirẹ̀: bó bá jẹ́ pé ọ̀la ló fẹ́ lọ, òní ló sì ń kọ̀wé, kó tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan. Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

A jọ tún un kọ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo fẹ́ lo ọjọ́ iṣẹ́ 6 nínú ìsinmi ọdún mi, láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9, di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 16 oṣù Kẹta. Màá wọlé padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 17. Màá ti parí ìṣirò owó oṣù Kejì kí n tó lọ. Ẹni tí a jọ ń lo ọ́fíìsì ti gbà láti máa gba ìwé owó tó bá wọlé, mo sì ti fi bí a ṣe ń tò ó hàn án. Bí àwọn ọjọ́ yìí bá kọlu ètò ilé iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ó pẹ́ tán lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 20 oṣù Kejì, kí a lè jọ wo ọjọ́ mìíràn. Ẹ ṣé, sà."

"Ẹ jọ̀wọ́" kan ṣoṣo ló kù, ibi tó ti ń béèrè nǹkan gan-an ló sì wà. A kò dárúkọ ìgbéyàwó. Ìsinmi ọdún kò nílò ìdí. Bí ó bá jẹ́ àìsàn ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ìwé dókítà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ìdí tí a bá tò sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n béèrè, ńṣe ni à ń pe ẹni tó ń kà á pé kó wá wọ̀n ọ́n bóyá ó tó.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá dá a lóhùn pé àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò ń bọ̀ lọ́jọ́ 9 àti 10, ṣé kò lè sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan? Ìgbà yìí ni ìdí wúlò. Ó kọ ọ́ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 14, ni ìgbéyàwó àbúrò òun, pé òun lè dúró ti àwọn àlejò náà fún ọjọ́ méjèèjì, kí òun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 11, kí òun sì wọlé lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ 19. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà náà pé síbẹ̀. Ọ̀gá fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ ìwé kan náà, ó fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun kí ìyàwó tuntun.