Ìtàn Apẹ̀rẹ̀ Yìí Dùn, Ṣùgbọ́n Báwo Ló Ṣe Tóbi Tó?

Apẹ̀rẹ̀ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Èkó sí Bìní rí mọ Ọ̀rẹ̀, níjọba ìbílẹ̀ Odìgbó, níbi tí mọ́tò ti máa ń dúró kí èrò jẹun. Bí èèyàn bá fẹ́ ra apẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá títì, á gbé e wò, á tẹ ìdí rẹ̀, á sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ bóyá ohun kan wà tó lè fa aṣọ ya. Ẹni tó ń rà á lórí fóònù kò lè ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí ẹ bá kọ ló máa fi rà á.

Ẹ wá wo bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kọ ọ́: “Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí ewé, màmá kan ní Odìgbó á mú àdá, á sì forí lé inú igbó…” Instagram máa ń gé ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ní nǹkan bíi lẹ́tà 125, á wá kọ `more` síbẹ̀. Màmá ò tíì dé ìdí ọ̀pẹ tí wọ́n ti gé e! Oníbàárà sì ti lọ. Èyí tí kò lọ á rò pé ó lè gba aṣọ ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá gbà á, owó ọkọ̀ láti dá a padà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó apẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Èmi á kọ ọ́ báyìí (iye owó yẹn, àpẹẹrẹ ni o):

“Apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí, imọ̀ ọ̀pẹ. Ẹnu 40 sm, gíga 50 sm. Kò ní ìdérí. ₦12,000, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀.

Màmá kan ní Odìgbó ló fọwọ́ hun ún, nítorí náà tiyín lè fi 2 sm yàtọ̀ sí ti fọ́tò. Ó ti gbẹ kí a tó wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi aṣọ tútù sùn sínú rẹ̀, ó máa bu.”

Ìtàn ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. “Ó fọwọ́ hun ún” ló ṣàlàyé ìdí tí méjì kì í fi í dọ́gba. Ọ̀rọ̀ gbígbẹ yẹn náà ní ìdí: nígbà tí imọ̀ ṣì tútù ni wọ́n máa ń hun ún kó má baà kán, bó bá sì ń gbẹ, á sún pọ̀, àlàfo á yọ láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní tútù, ìwọ̀n tí kò ní bá oníbàárà délé ló kọ.

Ẹ bi màmá ohun tó fẹ́ kẹ́ ẹ sọ nípa òun. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ti kọ́ ọ, ẹ má kọ “ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ” nítorí pé ó dùn létí.

Kẹ́ ẹ tó gbé e síta, ẹ fi apá tó wà ṣáájú `more` nìkan han ọ̀rẹ́ kan, kẹ́ ẹ bi í bóyá apẹ̀rẹ̀ náà máa wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.