Atọ́ka Dátábéèsì: Ohun Tó Mú Kí Wíwá Yá, àti Ohun Tó ń Náni Nígbà Kíkọ

Inú tábìlì ni dátábéèsì ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí. Tábìlì ní òpó, ó sì ní ìlà. Òpó kọ̀ọ̀kan wà fún irú ohun kan, bíi nọ́ńbà rìsíìtì, orúkọ oníbàárà tàbí iye owó. Ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àkọsílẹ̀ ohun kan tó ṣẹlẹ̀. Lórí dísíìkì, àwọn ìlà yìí kì í tò lọ́nà tó lè ran ẹni tó ń wá nǹkan lọ́wọ́. Nínú PostgreSQL, tó wà lára àwọn ètò dátábéèsì tí wọ́n ń lò jù, ibi tí àyè bá ti ṣí sílẹ̀ ni ìlà tuntun ń bọ́ sí. Atọ́ka ni wọ́n ń ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú tábìlì bẹ́ẹ̀: ẹ̀dà òpó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, tí a tò láti kékeré dé ńlá, tí ohun kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ sì mú àdírẹ́sì ìlà tó ni ín nínú tábìlì dání.

Ká mú tábìlì kan tó ń jẹ́ `isanwo`, tí ilé-iṣẹ́ kan ń kọ owó tí àwọn oníbàárà rẹ̀ san sí. Ìlà inú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 10, ìlà kọ̀ọ̀kan sì gba nǹkan bí 100 báìtì. PostgreSQL kì í mú ìlà kan ṣoṣo láti orí dísíìkì. Odindi ojúewé ló máa ń kà, ojúewé kan sì jẹ́ 8 kílóbáìtì. Nǹkan bí ìlà 80 ló ń wọ ojúewé kan, nítorí náà tábìlì yìí gba ojúewé 125,000, ìyẹn nǹkan bí gígábáìtì kan. Oníbàárà kan wá mú rìsíìtì rẹ̀ wá, akọ̀wé sì fẹ́ rí àkọsílẹ̀ rẹ̀:

```sql
SELECT * FROM isanwo WHERE risiti = 70482915;
```

Bí kò bá sí atọ́ka lórí `risiti`, ètò náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti ojúewé àkọ́kọ́, yóò sì ka gbogbo 125,000 tán, yóò máa yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò. Kódà bó bá rí rìsíìtì náà ní ojúewé kẹta, kò lè dúró síbẹ̀, torí kò mọ̀ bóyá ìlà mìíràn tó ní nọ́ńbà kan náà ṣì wà níwájú. Bí tábìlì bá di ìlọ́po mẹ́wàá, iṣẹ́ náà á di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹnì kan ṣoṣo lè fara da irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí igba ènìyàn bá béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, dísíìkì kò ní ráyè fún ohun mìíràn mọ́, àwọn ìbéèrè tí kò kan tábìlì yìí rárá yóò sì máa fà.

Irú atọ́ka tí PostgreSQL, MySQL àti Oracle máa ń ṣe bí ẹni tó ń pàṣẹ kò bá dárúkọ òmíràn ni igi-B. Rudolf Bayer àti Edward McCreight ló ronú rẹ̀ kàn nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Boeing, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú. Ọdún 1970 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Ohun tó ká wọn lára ni bí atọ́ka tó tóbi ju mẹ́mórì kọ̀ǹpútà lọ ṣe lè máa gba nǹkan tuntun, kó máa yọ ti àtijọ́ kúrò, kó má sì dàrú.

Ojúewé ni wọ́n fi kọ́ igi-B náà. Gbòǹgbò ló wà lókè pátápátá, ojúewé kan ṣoṣo sì ni. Ẹ̀ka wà lábẹ́ rẹ̀, ewé wà lábẹ́ ẹ̀ka. Inú ewé ni gbogbo nọ́ńbà rìsíìtì wà, ní títò, pẹ̀lú àdírẹ́sì ìlà wọn. Iṣẹ́ gbòǹgbò àti ẹ̀ka kò ju kí wọ́n júwe ọ̀nà: nọ́ńbà tó bá bọ́ sáàárín èyí àti èyí, ojúewé báyìí ni kí a gbà. Nọ́ńbà tó jẹ́ 8 báìtì ń gba 20 báìtì nínú ewé bí a bá ka àdírẹ́sì àti àmì ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí PostgreSQL bá ń kọ́ atọ́ka, ó máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ewé sílẹ̀ lófìfo fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, nítorí náà nǹkan bí nọ́ńbà 366 ló ń wà nínú ewé kan. Mílíọ̀nù 10 á gba nǹkan bí ewé 27,300. Ẹ̀ka tí kò pé 100 ló tó láti júwe gbogbo ewé yẹn, gbòǹgbò kan sì tó fún àwọn ẹ̀ka.

Níbí ni àǹfààní rẹ̀ ti hàn. Láti rí rìsíìtì 70482915, ètò náà á ka gbòǹgbò, á ka ẹ̀ka kan, á ka ewé kan, lẹ́yìn náà á lọ tààrà sí ojúewé tí ìlà náà wà nínú tábìlì. Ojúewé mẹ́rin nìyẹn, dípò 125,000. Bí ìlà bá sì di mílíọ̀nù 100, ìpele kan péré ló máa kún igi náà, kíkà mẹ́rin á di márùn-ún. Lẹ́nu iṣẹ́ gidi, kì í tó bẹ́ẹ̀ pàápàá, torí gbòǹgbò àti ẹ̀ka kéré, wọn kì í sì í sábà kúrò nínú mẹ́mórì. Àṣẹ tó ń ṣe atọ́ka náà kò gùn:

```sql
CREATE INDEX isanwo_risiti ON isanwo (risiti);
```

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìbéèrè ń gba inú atọ́ka kọjá yóò fi `EXPLAIN` ṣáájú rẹ̀. Bí ìdáhùn bá ní `Seq Scan`, gbogbo tábìlì ni ètò náà fẹ́ kà. Bó bá ní `Index Scan using isanwo_risiti`, inú igi ló gbà.

Kì í ṣe gbogbo atọ́ka ni ètò ń lò, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí ọ̀rọ̀ ṣe pín káàkiri tábìlì. Ká ní òpó kan wà tó ń jẹ́ `ipo`, tí ó ń sọ bóyá ìsanwó ti parí tàbí ó ṣì dúró, tí 95 nínú ọgọ́rùn-ún ìlà sì ti parí. Ẹni tó bá béèrè gbogbo èyí tó ti parí ń béèrè ohun tó wà nínú gbogbo ojúewé. Bí ètò bá gba inú atọ́ka, á ka atọ́ka, á sì tún ka tábìlì, nítorí náà ó sàn kó ka tábìlì nìkan. Ìdí mìíràn ni pé ìbéèrè lè yí òpó padà kó tó fi wéra. Atọ́ka lórí `oruko` kò wúlò fún `WHERE lower(oruko) = 'ade'`, torí orúkọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló wà nínú ewé, kì í ṣe èyí tí a sọ di lẹ́tà kékeré. Ẹni tó nílò irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe atọ́ka lórí `lower(oruko)` fúnra rẹ̀.

Iye tí atọ́ka ń náni tó yá láti rí ni àyè: èyí tó wà lórí `risiti` gba nǹkan bí 214 mẹ́gábáìtì, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún tábìlì lọ. Èyí tó wọni lára jù ni ti kíkọ. Bí atọ́ka mẹ́fà bá wà lórí `isanwo`, ìsanwó tuntun kan kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo mọ́. Ètò á fi ìlà sí tábìlì, á wá sọ̀ kalẹ̀ láti gbòǹgbò igi mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá ewé tó tọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì fi nọ́ńbà sí àyè rẹ̀ gan-an. Ibi méje ni a kọ̀wé sí. Gbogbo rẹ̀ ló sì tún gbọ́dọ̀ wọ ìwé àkọsílẹ̀ ìyípadà, èyí tí dátábéèsì fi ń padà bọ̀ sípò bí iná bá lọ lójijì.

Bí ewé tí nọ́ńbà yẹ kó wọ̀ bá ti kún, ètò á pín in sí méjì: ìdajì nọ́ńbà inú rẹ̀ á ṣí lọ sí ojúewé tuntun, ẹ̀ka tó wà lókè á sì gba àmì ọ̀nà kan sí i. Bí ẹ̀ka náà bá kún, òun náà á pín. Ibi tí èyí ti le jù ni ibi tí nọ́ńbà rìsíìtì kò bá ní ètò, tí wọ́n kàn ń ṣẹ́ wọn bí ó ṣe wù wọ́n. Èyí tó kàn lè jẹ́ ti èyíkéyìí nínú ewé 27,300. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo atọ́ka ṣì wọ mẹ́mórì, kò sí ìṣòro. Lọ́jọ́ tó bá tóbi jù ú lọ, ètò á máa ní láti kọ́kọ́ ka ewé láti orí dísíìkì kó tó lè kọ nǹkan sí i. Àmì rẹ̀ ni pé kíkọ tó ń lọ geere fún oṣù púpọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ètò náà. PostgreSQL tún ní àṣà kan tó ń dá kún un: ìgbà àkọ́kọ́ tí ojúewé kan bá yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti da ìyípadà inú mẹ́mórì sórí dísíìkì, odindi ojúewé náà ló ń wọ ìwé àkọsílẹ̀, 8 kílóbáìtì nítorí 20 báìtì. Nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé ara wọn kì í fa èyí, torí ewé tó kẹ́yìn ni gbogbo wọn ń wọ̀.

Ìyípadà ìlà tó ti wà tẹ́lẹ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀. PostgreSQL kì í pa ohun àtijọ́ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀dà tuntun ìlà náà ló máa ń kọ, àdírẹ́sì ẹ̀dà yẹn sì yàtọ̀. Láti ẹ̀dà 8.3 tó jáde ní 2008, ó ti ní ọ̀nà àbùjá kan: bí òpó tó yí padà kò bá sí nínú atọ́ka kankan, tí àyè sì wà nínú ojúewé kan náà, kò ní fọwọ́ kan atọ́ka rárá. Ká wá wo òpó `ipo` lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìsanwó kọ̀ọ̀kan ń yí láti dídúró sí píparí. Bí ẹnì kan bá lọ fi atọ́ka sórí `ipo`, ọ̀nà àbùjá náà dí nìyẹn, ìyípadà kọ̀ọ̀kan á sì máa fi nǹkan tuntun sínú igi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí kan àwọn tí òpó wọn kò yí padà. Atọ́ka tí kò ran ẹni tó ń wá èyí tó ti parí lọ́wọ́ ló ń dá gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé dúró. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó ṣì dúró nìkan ni wọ́n ń wá, atọ́ka kékeré tó mọ sórí wọn á dáa jù:

```sql
CREATE INDEX isanwo_duro ON isanwo (risiti) WHERE ipo = 'duro';
```

Ó fúyẹ́, wíwá á sì yá, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbùjá náà ṣì dí, torí `ipo` wà nínú àlàyé rẹ̀.

Láti mọ atọ́ka tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, dátábéèsì fúnra rẹ̀ ń ṣírò:

```sql
SELECT indexrelname, idx_scan
FROM pg_stat_user_indexes
WHERE relname = 'isanwo';
```

Èyí tí `idx_scan` rẹ̀ bá jẹ́ 0 lẹ́yìn àkókò tó gba ìṣirò ìparí oṣù àti ti ìparí ọdún mọ́ra ló yẹ kí a fura sí. Àmọ́ atọ́ka tó ń dènà kí nọ́ńbà kan má wọlé lẹ́ẹ̀mejì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìṣirò yìí ṣì wà ní 0, kò sì yẹ kí a fà á tu.

Ṣíṣe atọ́ka tuntun lórí tábìlì tí iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀ náà gba ìṣọ́ra. `CREATE INDEX` lásán á dá gbogbo kíkọ dúró títí yóò fi parí. `CREATE INDEX CONCURRENTLY` kì í dá wọn dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ka tábìlì, ó sì ń pẹ́ jù. Bó bá já sí àárín, atọ́ka tí wọ́n kọ `INVALID` sí lára á ṣẹ́ kù sílẹ̀: ìbéèrè kankan kò ní lò ó, síbẹ̀ ìlà tuntun lè ṣì máa wọ inú rẹ̀, títí ẹnì kan á fi pàṣẹ `DROP INDEX`.