Pípa Ọ̀rọ̀ Dà Kò Sọ Ọ́ Di Tìrẹ

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ló gbà pé bí òun bá ti pa ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin dà nínú gbólóhùn onígbólóhùn, ó ti di tòun nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ìmọ́tótó ọwọ́. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2009 wà lára ohun tí wọ́n sábà máa ń kà fún un. Bí a bá sọ kókó kan níbẹ̀ ní Yorùbá, á lọ báyìí: bí ìdọ̀tí kò bá hàn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kó fi sánítáísà ra ọwọ́ fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú àáyá, bí ìdọ̀tí bá hàn, kó fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ fún 40 sí 60.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ ọ́ pé: “Bí èérí kò bá sí lọ́wọ́ olùtọ́jú, kó fi apakòkòrò fọ ọwọ́ fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú àáyá.” Egungun gbólóhùn náà kò yẹ̀, awọ rẹ̀ nìkan ló pààrọ̀. Olùkọ́ á pè é ní jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́, pàápàá tí kò bá dárúkọ ẹni tó ni ín. Èyí tó tún burú ni pé ìtumọ̀ ti bàjẹ́: èérí tí kò hàn kì í ṣe èérí tí kò sí, ọwọ́ fífọ̀ kì í sì í ṣe ọwọ́ rírà. Ẹni tó bá tẹ̀ lé gbólóhùn yẹn ní wọ́ọ̀dù á fi àkókò sánítáísà fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tó yẹ ni pé kó kà á, kó pa ìwé dé, kó bi ara rẹ̀ pé kí ni mo fẹ́ fi èyí sọ, kó tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kó ṣí ìwé padà láti yẹ iye àkókò wò. Ó lè wá rí báyìí: “Ohun tí nọ́ọ̀sì bá rí lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni yóò sọ ohun tó máa lò. Àjọ Ìlera Àgbáyé (2009) ní sánítáísà tó fún ọwọ́ tí kò ní ìdọ̀tí tó hàn, àmọ́ ọwọ́ tó bá ní in gbọ́dọ̀ kan ọṣẹ àti omi, èyí tó máa ń gba ìlọ́po méjì àkókò.” Orúkọ àjọ náà ṣì wà níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ló di ti akẹ́kọ̀ọ́, ìmọ̀ kò tíì di tirẹ̀.

Ẹ̀rọ Turnitin kò lè ṣe ìdájọ́ yìí. Ìbáramu ọ̀rọ̀ ló ń kà, ó sì lè sàmì sí àwọn ìwé ìtọ́kasí tí akẹ́kọ̀ọ́ tò sẹ́yìn iṣẹ́ gan-an. Èrò tí wọ́n jí, tí wọ́n sì tún kọ dáadáa láìdárúkọ olówó, lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí olùkọ́ tó mọ ìwé náà sì mú un.