Bí A Ṣe Ń Ka Máàpù Ojú Ọjọ́

Lálẹ́ ọjọ́ 15 sí òwúrọ̀ ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1987, ìjì líle kan wó igi bíi mílíọ̀nù 15 ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pa èèyàn. Ẹni tó bá wo máàpù ojú ọjọ́ òru ọjọ́ náà yóò rí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, bó bá mọ ohun tí àwọn ìlà rẹ̀ ń sọ.

Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo, ó sì ń tẹ ilẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí máàpù so àwọn ibi tí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ wọn dọ́gba pọ̀. Nọ́ńbà ara ìlà, bíi 1004 tàbí 1008, jẹ́ mílíbà, tí wọ́n tún ń kọ ní hPa. Níbi tí wọ́n kọ H sí, ìtẹ̀ náà ga ju ti àyíká lọ. Afẹ́fẹ́ ń rọ̀ wálẹ̀, ojú ọjọ́ sì sábà máa ń dákẹ́. Níbi tí wọ́n kọ L sí, ó kéré. Afẹ́fẹ́ ń gòkè, ó ń tutù, ìkùukùu àti òjò sì ń ti ibẹ̀ wá.

Àyè tó wà láàárín àwọn ìlà ni kí o kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá jìnnà síra, atẹ́gùn rọra ń fẹ́. Bí wọ́n bá fún mọ́ra, ó le. Ní ìhà àríwá ayé, atẹ́gùn ń yí L ká ní òdìkejì ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà. Nítorí náà, bí o bá kẹ́yìn sí atẹ́gùn, L wà lápá òsì rẹ.

Àwọn ìlà aláwọ̀ ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ méjì ti pàdé hàn. Ìlà pupa tó ní ààbọ̀ òbìrí lára ni ti afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gun orí èyí tó tutù, òjò rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Ìlà búlúù tó ní igun mẹ́ta lára ni ti afẹ́fẹ́ tútù tó ń wọ abẹ́ èyí tó gbóná. Òjò rẹ̀ lè le, ṣùgbọ́n kì í sábà pẹ́. Ibi tí igun tàbí ààbọ̀ òbìrí náà kọjú sí ni ìlà ń lọ.

Ní ọdún 1987 náà, L kan gbéra láti Ìyawọlẹ̀ Omi Bísíkéè, ó sì gba orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí àríwá-ìlà-oòrùn. Ìtẹ̀ àárín rẹ̀ já sí nǹkan bíi mílíbà 953, bẹ́ẹ̀ ìpíndọ́gba ayé jẹ́ 1013. Gúúsù àti ìlà-oòrùn rẹ̀ ni àwọn ìlà ti fún mọ́ra jù, ibẹ̀ gan-an sì ni Kẹ́ńtì, Súsẹ́sì àti Lọ́ńdọ̀nù wà.

Máàpù kan ṣoṣo kò lè sọ ibi tí L ń lọ. Fi ti wákàtí mẹ́fà sẹ́yìn wéra pẹ̀lú tòní: bí L bá ti sún, tí nọ́ńbà àárín rẹ̀ sì ti dín, ìjì náà ń le sí i.