Lẹ́tà Tó Ní Ẹ̀rí Lọ́wọ́

Bí aago 9 alẹ́ bá ti lù báyìí, ohùn àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Gbogbo ìgbà tí mo bá pe iléeṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa, "Ẹ pa ráútà, kí ẹ tún un tàn" ni wọ́n ń sọ. Ni mo bá fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, kí wọ́n má baà di ẹ̀bi ru Wáìfáì, mo sì tẹ èyí:

```
ping -n 100 192.168.1.1
ping -n 100 8.8.8.8
```

Ìlà kìíní ń fi ìdì dátà 100 ránṣẹ́ sí ráútà inú ilé. Èkejì ń fi 100 ránṣẹ́ síta. Mo wá kọ ọ́ pé:

"Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ní aago 9 alẹ́, ìdì 11 sí 17 nínú 100 ni kò dé 8.8.8.8. Ní aago 6 àárọ̀, ẹyọ kan kò sọnù. Ti ráútà kò sọnù rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán onímọ̀ ẹ̀rọ wá ní aago 8 alẹ́."

Aago yẹn ṣe pàtàkì: bó bá wá lọ́sàn-án, kò ní rí nǹkan kan. Tí ẹ̀rọ agbàmì orí òrùlé bá sì dára, èrò ló pọ̀ jù lórí òpó wọn nírọ̀lẹ́. Àyẹ̀wò inú ilé kò lè tún ìyẹn ṣe.