Ìwé Tó Pẹ́ Lọ́dọ̀ Ọ̀gá

Nínú iṣẹ́ ọ́fíìsì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ burú ju "rárá" lọ. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kò sówó lè wá ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí wọ́n bá ń sọ fún pé "ìwé ẹ ti wà níwájú wọn" á kàn jókòó, á máa retí.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìwòsàn kékeré kan bí àpẹẹrẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, dísù inú táńkì ku lítà 250, jẹnẹrétọ̀ sì ń jẹ 50 lójúmọ́. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ kọ ìwé pé kí wọ́n ra lítà 500, ó gbé e fún akáńtáǹtì. Dísù yìí máa tán lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bẹ́ẹ̀, fíríìjì tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 lọ. Ẹni tó ń ta dísù máa ń lo ọjọ́ kan lẹ́yìn tó bá gbowó kó tó gbé e dé. Nítorí náà, ìbuwọ́lù gbọ́dọ̀ jáde kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ibi tí nǹkan ti máa bàjẹ́ la ti ń ka ọjọ́ bọ̀ wá sẹ́yìn, kì í ṣe ọjọ́ tó kàn wù wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìránlétí àkọ́kọ́ lọ: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ìwé dísù lítà 500 wà lọ́dọ̀ yín láti àná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa buwọ́ lù ú, tàbí kí ẹ sọ ohun tó kù." Ní Ọjọ́rú, ọ̀rọ̀ le díẹ̀ sí i: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ìwé dísù ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Dísù máa tán lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí a ò bá gbọ́ nǹkan kan títí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la, ìwé náà á lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà." Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá lù, ìwé lọ sókè, akáńtáǹtì sì rí ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ.

Ẹ wò ó dáadáa: "ẹ káàárọ̀ sà" kò kúrò níbẹ̀. Ohun tó ń le sí i ni ohun tó máa ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó máa gbọ́. Èyí ṣe pàtàkì gan-an láàárín wa, nítorí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ lè jẹ́ ọmọdé sí akáńtáǹtì. Bó bá gba ẹ̀yìn lọ bá Ọ̀gá Àgbà, ó ti fi àgbà sùn nìyẹn, ìbínú akáńtáǹtì á sì tọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ilé iṣẹ́ bá ti mọ̀ ṣáájú pé ọjọ́ kẹta ni ìwé ń lọ sókè, tí wọ́n sì kìlọ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó fi ẹnikẹ́ni sùn.

Excel lè bá wa ka ọjọ́. Bí ọjọ́ tí ìwé dé bá wà ní B2, tí àwọn ọjọ́ ìsinmi ìjọba sì wà ní F2 sí F20:

```
=NETWORKDAYS(B2,TODAY(),F2:F20)-1
```

A yọ 1 kúrò nítorí pé ó máa ń ka ọjọ́ tí ìwé dé pẹ̀lú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun á jẹ́ 1, Ọjọ́rú 2, Ọjọ́bọ̀ 3. Ọjọ́ Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀ ń tẹ̀ lé oṣù, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa kọ wọ́n síbẹ̀ bí ìjọba bá ti kéde. Ó sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: kì í ka Àbámẹ́ta àti Àìkú, bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ kì í sinmi. Bí ìwé bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, táńkì ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe Excel.

Ibi tí ètò yìí ti máa ń dà rú jù ni ìbéèrè. Bí akáńtáǹtì bá ní kí wọ́n mú ìwé iye owó wá, ọ̀dọ̀ olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ni ìwé wà báyìí. Òun ni ìránlétí yẹ kó máa lọ bá. Àwọn kan á wá máa béèrè nǹkan kan lónìí, òmíràn lọ́la, kí ọjọ́ má baà kà mọ́ wọn lọ́rùn. Ìwé tó bá ti padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló ń tú wọn fó. Ẹ ṣe é lófin pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń béèrè gbogbo ohun tó kù.

Ẹni tó bá lọ ìsinmi gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹni tó máa buwọ́ lùwé dípò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ fọwọ́ sí owó fúnra rẹ̀ torí pé ọjọ́ ti pé. Olè á kàn dúró de ọjọ́ náà ni.

Bí ìwé dísù bá sì ń dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà lóṣooṣù, ìránlétí kọ́ ló kù. Ẹ fún olùtọ́jú sítọ́ọ̀ láṣẹ láti ra ìwọ̀n kan fúnra rẹ̀, kí akáńtáǹtì máa yẹ rìsíìtì wò lẹ́yìn náà.